Ẹ̀gbẹ́ Ìlà Náà Wo Ni Kí N Dúró Sí?

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n gbádùn. Bàbá àgbàlagbà kan ló bi í níbi ìpàdé tí wọ́n pè ní abúlé kan lẹ́yìn Àkúrẹ́, lápá ọ̀nà Òǹdó, níbi tí oko kòkó ti fẹ̀gbẹ́ kan igbó. Àbúrò bàbá mi lóko níbẹ̀, òun ló ní kí n wá bá àwọn gbọ́ ohun tí àwọn àlejò fẹ́ sọ.

Àlejò méjì ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èkíní ní kí wọ́n ti igbó tó kù pa, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́, ì báà ṣe ọdẹ, ì báà ṣe ẹni tó ń já ewé. Èkejì ní rárá o, kí wọ́n fà á lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá ń jẹ nínú nǹkan ni yóò ṣọ́ ọ. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, iyàn náà sì gùn títí oòrùn fi yẹ̀rì. Ìgbà náà ni Bàbá ṣí fìlà rẹ̀ lórí, tó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá fa ìlà yín tán, ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n dúró sí?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi náà ò lè dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé lórí bí a ṣe ń pín ilẹ̀ ìpamọ́. Àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn máa ń ya àwòrán òbìrípo kan, wọn a kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọn a fi ìta rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Oko Bàbá wà nínú òfìfo yẹn.

Ibi tí akíntọ́lá dúró sí

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ Bàbá pé kó mú mi dé etí igbó. Ó ti ṣọdẹ rí kó tó gbájú mọ́ kòkó. Bí a ṣe kọjá ẹ̀yìn oko, ó dúró, ó fi àdá tọ́ka sílẹ̀. "Ṣé o rí akíntọ́lá yìí? Máa wò ó bí a ṣe ń wọlé. Ibi tó bá ti dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni igbó ti bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo wa la mọ ewé akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Kò fẹ́ràn òjìji. Ibi tí oòrùn bá ti kan ilẹ̀ ló ń hù, tí igi ńlá bá sì bò ó, yóò gbẹ dànù. Nítorí náà, ibi tó bá wà, ìmọ́lẹ̀ ti dé ilẹ̀ nìyẹn, bí igi ṣe wù kó ku síbẹ̀ tó. A rìn wọlé, mo sì ń ka ẹsẹ̀ mi. Akíntọ́lá ń bá wa lọ. Àjàrà inú igbó wé mọ́ra wọn bí okùn. Igi gíga mẹ́ta ti wó lulẹ̀ sápá ibì kan náà, gbòǹgbò wọn sì dojú kọ oko. Ewé tó bo ilẹ̀ ń ró wàkàwàkà lábẹ́ bàtà. Ó ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ kí akíntọ́lá tó tán, kí ilẹ̀ tó rọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó tutù. Inú igbó tí kò sẹ́ni tó gé igi kan níbẹ̀ la ti ń rìn láti ìgbà yẹn o.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀ràn etí igbó nìyí. Tí wọ́n bá ti ṣán ilẹ̀ tó kángun sí igbó, ooru yóò máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ ọ̀rinrin lọ, ìjì yóò sì máa bá igi tí kò tíì kọ́ bí a ti ń dá dúró. Nítòsí ìlú Manaus ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò igbó tí wọ́n gé sí ìwọ̀n hẹ́kítà 1, 10 àti 100, tí pápá màlúù sì yí wọn ká. Wọ́n rí i pé igi tó wà láàárín nǹkan bíi mítà 100 sí etí ń kú ju ti àárín lọ, àwọn tó tóbi jù ni ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn jù. Kò sẹ́ni tó fi ayùn kàn wọ́n. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹnu tí ogiri igbó là ni etí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú méje

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé àti bírò. Nínú rìsáfù Àkúrẹ́, lápá Àpọ́nmù, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kúìnsì Pílọ́ọ̀tì. Ìpamọ́ pátápátá ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gégi tàbí dáko, kí àwọn onímọ̀ igbó lè máa fi í wé igbó tí wọ́n ti gé. Arère wà níbẹ̀, ìta wà níbẹ̀, ọmọ̀ náà wà níbẹ̀. Hẹ́kítà 32 péré ni ibẹ̀, ìyẹn nǹkan bí éékà 79. Inú rìsáfù tó tó bíi kìlómítà 70 níbùú lóòró ni wọ́n gbé e sí, kí igbó tó yí i ká lè máa bò ó. Bó ṣe rí lónìí kọ́ ni mò ń sọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò.

Ká ní onígun mẹ́rin tó dọ́gba ni hẹ́kítà 32 náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ mítà 566. Èèyàn tó bá rìn lójú títì tó tẹ́jú yóò là á já ní ìṣẹ́jú méje. Wàyí o, ká ní oko ló yí i ká, tí etí sì jẹ wọlé ní mítà 100 láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù láàárín jẹ́ mítà 366 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di hẹ́kítà, 13 àti díẹ̀ ni. Ó ju ìdajì igbó náà lọ tó ti di etí, láìsí ẹni tó rú òfin kankan.

Tí a bá wá fà á gùn bí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, mítà 2,000 ní gígùn, mítà 160 ní fífẹ̀, hẹ́kítà 32 náà ni. Ṣùgbọ́n etí apá ọ̀tún yóò pàdé etí apá òsì, kò sì ní ku àárín rárá. Tí wọ́n bá sọ fún wa pé àwọn ti pa hẹ́kítà báyìí báyìí mọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí.

Láti ọdún 1975 tí Jared Diamond, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti sọ pé igbó ńlá kan sàn ju kéékèèké púpọ̀ lọ ni iyàn ti ń lọ lórí èyí. Lọ́dún 1976, onímọ̀ mìíràn, Daniel Simberloff, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pé kéékèèké mélòó kan tí wọ́n wà káàkiri lè ní irú ewéko àti kòkòrò tó pọ̀ ju ti ńlá kan ṣoṣo lọ. Ní tèmi, ẹ̀dá tí à ń tìtorí rẹ̀ pa igbó mọ́ ló máa ń dá ẹjọ́ yẹn. Ìnàkí ṣì wà nínú igbó Ìdànrè, ilẹ̀ tí agbo ìnàkí kan sì ń rìn láti wá oúnjẹ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà níbùú lóòró. Hẹ́kítà 32 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta kìlómítà kan níbùú lóòró. Bí a ṣe ti ibẹ̀ pa tó, ìnàkí kò lè fi ṣelé.

Ẹni tó bá fẹ́ ìnàkí gbọ́dọ̀ fẹ́ ilẹ̀ ńlá nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ẹ sì wá ibi tí ẹ ti máa rí ilẹ̀ ńlá tí kò ní kòkó, tí kò ní ahéré, tí kò ní ẹni tó ń pe ibẹ̀ ní ogún bàbá òun. Bí ìlà bá ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn tó ń bọ́ sínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ibi tí ìṣirò parí sí nìyẹn, tí ìbéèrè Bàbá bẹ̀rẹ̀.

Arère tí Bàbá bẹ́

Mo padà lọ bá a lọ́sẹ̀ kejì, nítorí ìṣirò ti fi ohun kan hàn mí. Ní Manaus kan náà, wọ́n rí i pé níbi tí igi tún ti hù padà yí igbó ká, ọ̀ràn etí dínkù. Igi tó wà níta ń bo igi tó wà nínú. Nítorí náà, tí oko kòkó tó yí igbó ká bá ní igi gíga láàárín, bí àwọn bàbá wa ti ń gbin kòkó sábẹ́ òjìji nígbà kan, ooru kò ní rí ọ̀nà wọlé tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Mo ti ń rò ó pé ọ̀nà ti là.

A ń rìn nínú kòkó rẹ̀, mo sì ń sọ èyí fún un. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àdá bẹ́ arère kékeré kan tó ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà. Kò tíì ga tó mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gé e, a sì ń bá ìrìn wa lọ. Ìgbà tí a rìn síwájú díẹ̀ ló tún bẹ́ òmíràn, afàrà nìyẹn.

Mo dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ́ wọn?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá jẹ́ kó dàgbà, ta ló ni ín? Èmi kọ́. Ní ọdún kan, agégẹdú kan wá síbí, ó ní ìwé lọ́wọ́, ó ní òun ti sanwó ìrókò tó wà ní àárín oko mi. Ó gé e. Ìrókò yẹn wó lé kòkó mọ́kànlélógún lórí. Mo kà wọ́n. Ó fún mi ní owó tí kò tó ra àpò ajílẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, igi tí wọ́n bá lè fi ṣe pákó kì í ga kọjá orúnkún mi nínú oko yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó mọ igbó náà ju gbogbo wa lọ, tó fi akíntọ́lá hàn mí, òun náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí etí igbó sílẹ̀ fún oòrùn, ìdí tó sì fi ń ṣe é bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ní kí wọ́n ti igbó pa kò ní rí arère yẹn láé, nítorí ìta ìlà ló wà. Ẹni tó ní kí wọ́n fa igbó lé ará abúlé lọ́wọ́ kò ní rí i bákan náà, nítorí igbó ló ń sọ, kò sọ ti igi oko. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Igbó tí kò ní gáàdì

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ìpamọ́ pátápátá jẹ́ ohun tí òyìnbó kó wá, pé tiwa ni àjùmọ̀ṣe. Mi ò gbà. Ta ni nínú wa tí kò mọ igbó orò ìlú rẹ̀? Ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà, nígbà mìíràn ṣọ́ọ̀bù mẹ́kánííkì ló kángun sí i, síbẹ̀ ìrókò inú rẹ̀ ti ju ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni lọ. Kò sí wáyà tó yí i ká, kò sí gáàdì, kò sí bọ́ọ̀dù. Èèwọ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láé. Kò sí rìsáfù tí òfin rẹ̀ le tó ìyẹn, ará ìlú ló sì ṣe òfin náà, àwọn náà ló ń dájọ́ ẹni tó bá rú u.

Nítorí náà, líle òfin kọ́ ni ìyàtọ̀. Elinor Ostrom, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ibi tí àwọn èèyàn ti jọ ni igbó, ibi ìpẹja àti omi ìfirin-oko tí kò sì bàjẹ́. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990 to ohun tí irú ibẹ̀ ní ní jíjọra. Mẹ́rin nínú wọn ni mo gbé ka igbó orò: gbogbo èèyàn mọ ibi tí ààlà wà, àwọn tí òfin kàn ní ẹnu nínú òfin, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jíhìn fún wọn, ìjọba ò sì já ẹ̀tọ́ náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ìtánràn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kó tó le, bóyá obì àti ọtí lákọ̀ọ́kọ́ kó tó kan ẹran.

Ẹ wá gbé mẹ́rin yìí ka rìsáfù. Ààlà wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kò rí rí. Ẹnu àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gáàdì ń jíhìn fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú ńlá. Tí Bàbá bá gbọ́ ìró ayùn lóru, kò sí ẹ̀tọ́ tó ní láti jáde. Ó sọ fún mi pé òun ti gbọ́ ọ rí, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní. Inú rẹ̀ kò dùn nígbà tó ń sọ ọ́.

Mi ò ní tan ara wa o: igbó orò kò tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju Kúìnsì Pílọ́ọ̀tì lọ, etí ti jẹ wọ́n dé àárín. Èèwọ̀ lè ti ọwọ́ èèyàn mọ́lẹ̀, kò lè dá ooru dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ta ni ará ìlú?

Ohun kan tún wà tí àwọn tó fẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í fẹ́ kí a dá dúró lé lórí. Nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n fà á lé ìlú lọ́wọ́, ta ni ìlú? Ní Sìm̀bábúwè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1989 pé kí owó tí àwọn ọdẹ àjèjì ń san lórí erin àti kìnnìún máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí erin ń jẹ oko wọn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin gbé ẹ̀tọ́ náà fún, kì í ṣe abúlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbìmọ̀ ń dá owó tó pọ̀ dúró sọ́dọ̀, ohun tó ń dé ahéré ò sì tó nǹkan. Níbi tí owó bá sì ti kéré ju ohun tí erin bàjẹ́ lọ, kí ni ẹnikẹ́ni yóò máa torí rẹ̀ ṣọ́ erin?

Lọ́dọ̀ tiwa, ó tún díjú jù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ń dáko létí igbó, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ti ibòmíràn wá, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ kòkó fún ẹni tó ń gbé ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Ọwọ́ wọn ni àdá wà. Tí wọ́n bá pe ìpàdé ìlú, baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí ni wọ́n ń pè. Níbi ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn alágbàro jókòó lábẹ́ igi ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Bí a bá fún olórí ẹbí ní ẹ̀tọ́ lórí igi, tí a kò kan ẹni tó ń ro abẹ́ igi náà, arère kékeré yóò ṣì máa lọ lábẹ́ àdá.

Hẹ́kítà 27

Mo tún padà sídìí bírò mi. Ká ní a fẹ́ kí gbogbo hẹ́kítà 32 yẹn jẹ́ àárín, kí etí má kàn án rárá. A nílò òrùka oko abẹ́ òjìji tó fẹ̀ tó mítà 100 yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin náà yóò di mítà 766, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ yóò di nǹkan bíi hẹ́kítà 59. Ẹ yọ 32 kúrò, òrùka náà jẹ́ hẹ́kítà 27. Tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní hẹ́kítà méjì, àgbẹ̀ mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá nìyẹn.

Àgbẹ̀ mẹ́rìnlá. Wọ́n wọ inú pálọ̀ kan ṣoṣo. Ètò ìpamọ́ tí àjọ Yunẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, tí wọ́n fi igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn sí lọ́dún 1977, ti mọ òrùka yìí: àárín tí a tì pa, òrùka tó yí i ká, ibi tí èèyàn ń gbé. Nínú àwòrán, wọ́n kàn máa ń kùn òrùka ní àwọ̀ tó fúyẹ́ ju ti àárín lọ ni. Èmi rò pé ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àárín jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, kí a má tan ara wa pé ọdẹ díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, nítorí ẹtu, ọ̀bọ àti àgbìgbò ló ń gbé èso igi kiri, tí wọ́n bá tán, igi náà ò ní rí ẹni gbin ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí igi inú òrùka jẹ́ ti ẹni tó ń ro abẹ́ rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kí agégẹdú kankan má lè wọlé láìjẹ́ pé ó bá a ṣàdéhùn, kó sì san owó kòkó tó bá wó. Lẹ́yìn náà, kí àwọn mẹ́rìnlá yẹn ní ẹ̀tọ́ láti jáde tí ayùn bá dún lóru, kí ẹ̀ṣọ́ ìjọba sì dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é.

Òrùka náà kò ní tó fún ìnàkí, mo mọ̀. Kòkó abẹ́ òjìji kì í sì í so tó èyí tó wà ní gbangba oòrùn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní kí àgbẹ̀ fara mọ́ àdánù náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Mo sọ gbogbo èyí fún Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Ìwé náà ńkọ́?" Mo ní kò tíì sí, pé èmi àti àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ohun tí a fẹ́ gbé lọ bá àwọn tó yẹ.

Ó dìde, ó ní kí n máa bọ̀. Lẹ́yìn ahéré rẹ̀, arère kan wà tó ti dé èjìká mi, tó ti hù kọjá ibi tí mo rò pé ó máa ń jẹ́ kí wọ́n dé. Ó já ìgbálẹ̀ díẹ̀ àti èépá ìgbín, ó ya aṣọ pupa kan mọ́ ọn, ó sì so ó mọ́ ọ̀pá kékeré níwájú igi náà. Ààlè ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé igi náà ní olóhun.

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín?"

Ó ní, "Ẹ lọ mú ìwé wá. Mo fún yín di ìgbà tí kòkó tó ń bọ̀ bá pọ́n."